Ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀, ‘nọ́ọ̀tì’ ni wọ́n kọ: kíka ọ̀rọ̀ ara àpò oúnjẹ ọmọ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà kan ní Accra, olú ìlú Gánà, ẹ lè bá ẹ̀pà kan náà lórí pẹpẹ pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta. Lára ike kan wọ́n kọ gíráńnọ́ọ̀tì, lára èyí tó ti òkè òkun wá wọ́n kọ pínọ́ọ̀tì, lára ìpápánu tí wọ́n ṣe ládùúgbò wọ́n kọ nkatie, bí àwọn Akan ṣe ń pè é. Ẹni tí ẹ̀pà bá lára mu kò ní fura sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ kìlọ̀ fún pé kó má fún ọmọ yín ní pínọ́ọ̀tì lè fi tayọ̀tayọ̀ gbé nkatie fún un, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun kan náà ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣe, ìyẹn kíka ọ̀rọ̀ ara àpò oúnjẹ wò, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí àpò náà tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é. Àwọn ìyá tó ń lọ oúnjẹ ọmọ ní ilé wọn, tí wọ́n sì ń tà á fún wa, sábà máa ń gbé e lé ẹni tó yàwòrán àpò lọ́wọ́, tí onítọ̀hún kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Aléjì oúnjẹ ni pé àwọn ọmọ ogun ara ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì tí ọmọ bá jẹ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, awọ ara rẹ̀ lè sú, ètè àti ojú lè wú, ó lè máa bì. Bó bá le, ọ̀fun á máa dí, èémí á máa ṣe fín-ín-fín, ọmọ á rẹ̀ jọwọlọ. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ní itan ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún èyí tó le, ilé ìwòsàn sì ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Ní Gánà, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lójoojúmọ́ ni kí oúnjẹ náà má dé ẹnu rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ara àpò nìkan ni wọ́n sì fi lè mọ̀.

Kí n tó lọ síwájú, kí ẹ má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹ̀pà: ìwádìí kan tí Abena Amoah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Gánà ní àmì aléjì ẹ̀pà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ ẹ̀pà láìsí wàhálà. Àwọn olùwádìí náà rí i pé kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá wà lára ohun tó so mọ́ àmì yẹn. Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó láti fi ẹ̀pà ṣe èèwọ̀ fún ọmọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti kọ ẹ̀pà lójú ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àpò Tom Brown kan láti Madina

Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ tí wọ́n bí sí Accra, gbé àwòrán àpò tuntun wá fún mi. Madina ló ti ń lọ Tom Brown tà. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dára, ọ̀la ni mo fẹ́ sanwó fún wọn.” Mo ní, “Ẹ má tíì san, mà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé tí ẹ fi ń po èròjà wá.”

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná ni Tom Brown, tí wọ́n ń fi omi sè bí ẹ̀kọ mímu. Àgbàdo nìkan kò ní purotéènì tó fún ọmọ tó ń dàgbà. Ní 1987, ẹ̀ka tó ń rí sí oúnjẹ aṣaralóore ní iléeṣẹ́ ìlera Gánà àti àjọ UNICEF gbé àdàlù kan jáde tí wọ́n pè ní Weanimix. Àgbàdo kó ìpín 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ẹ̀wà tàbí sóyà kó 10 sí 15, ẹ̀pà kó 10. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ní Gánà ti ń po tiwọn báyìí. Oúnjẹ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ẹ̀pà àti sóyà, tí àwọn méjèèjì wà lára ohun tí ara àwọn ọmọ kan máa ń kọ̀, wà nínú àpò kan ṣoṣo.

Ìwé ìpo èròjà ni mo béèrè, kì í ṣe àpò àtijọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbé àpò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á ní wọ́n bára mu, láìmọ̀ pé oúnjẹ inú rẹ̀ ti yí padà. Ìwé màmá yìí sọ pé fún ọgọ́rùn-ún kílò, àgbàdo jẹ́ 75, sóyà 15, ẹ̀pà 10. Àwòrán àpò ní tirẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àgbàdo, “gíráńdì nọ́ọ̀tì” àti “lẹ́gúùmù”. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó ní nọ́ọ̀tì nínú. Ẹ̀wà funfun ni màmá ń lò tẹ́lẹ̀, ó ti tó ọdún kan tó ti fi sóyà rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó yàwòrán náà ṣàdàkọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

Àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú ìlà kékeré yẹn, kò sì sí ìkankan tí kọ̀ǹpútà máa fi ìlà pupa sí lábẹ́.

Èkíní ni àlàfo kan ṣoṣo. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá kọ gíráńnọ́ọ̀tì pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀pà ni. Bí ẹ bá fi àlàfo sáàárín, ó di nọ́ọ̀tì tí wọ́n lọ̀, ó sì lè jẹ́ kajú, ó lè jẹ́ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni wọ́n kọ dáadáa, kọ̀ǹpútà kò ní sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ pọ̀. Lẹ́tà kan, m tàbí s, ló ya mọ́ọ̀tì sọ́tọ̀ sí iyọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́ọ̀tì sì máa ń wá láti ara ọkà bálì, tí àwọn tí ara wọn kọ gúlútẹ̀ẹ̀nì kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Ẹni tó bá ka “iyọ̀” níbẹ̀ kò ní bẹ̀rù ohunkóhun.

Èkejì ni “lẹ́gúùmù”. Orúkọ ìdílé ni, bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé “ìdílé erèé”. Ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀pà pàápàá wà nínú rẹ̀. Òbí tí ara ọmọ rẹ̀ kọ sóyà kò lè mọ̀ láti ibẹ̀ pé sóyà ló kó ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìbòjú yìí wà lára ìgò ṣítọ̀ náà, ata dúdú tí àwọn ará Accra ń fi jẹ kẹ́ńkẹ́. Àwọn kan kọ “ìyẹ̀fun ohun inú omi” síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹja àti edé ni. Ara ẹlòmíràn gba ẹja, ó sì kọ edé. Ó yẹ kí wọ́n dárúkọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni “nọ́ọ̀tì” tó wà nísàlẹ̀. Inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń so, ìbátan ẹ̀wà ni, kì í ṣe èso igi bíi kajú. Nínú ìlànà Codex Alimentarius lórí ọ̀rọ̀ ara àpò oúnjẹ, tí àjọ FAO àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ti ń lò láti 1985, ẹ̀pà wà lọ́tọ̀, nọ́ọ̀tì orí igi sì wà lọ́tọ̀. Ọmọ kan lè máa jẹ ẹ̀pà kí kajú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òmíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ òdìkejì. “Nọ́ọ̀tì” kò ran òbí ìkankan lọ́wọ́. (Ẹ wo òfio pàápàá, tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní nọ́ọ̀tì ẹkùn. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì rárá, ohun tó ń ta sí gbòǹgbò koríko ni. Mo ti rí àwọn ìyá tó kọ omi òfio nítorí orúkọ yẹn.)

Ẹ̀kẹrin ni ètò. Òfin ni pé èyí tó wúwo jù nígbà tí wọ́n ń po ó ló máa ṣíwájú, kí èyí tó kéré jù gbẹ̀yìn. Sóyà 15 gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀pà 10. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìyá tó bá rí ẹ̀pà ní ipò kejì lè rò pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, èyí tó sì rí i ní ìparí orúkọ mẹ́wàá á rò pé ìbu díẹ̀ ni.

Ohun tí a kọ sípò rẹ̀, bí a bá tú u sí Yorùbá, ni: “Èròjà: àgbàdo 75%, ẹ̀wà sóyà 15%, ẹ̀pà 10%. Ó ní ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà nínú.” Òfin L.I. 1541 ti ọdún 1992 ní Gánà sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ọ̀rọ̀ ara àpò wà, nítorí náà nkatie nìkan kò tó. Ẹ lè fi í kún un, kí gíráńnọ́ọ̀tì ṣáájú. Orúkọ tí ẹ bá sì mú nínú àkójọ èròjà, òun náà ni kí ẹ lò ní iwájú àpò, nínú ìkìlọ̀ àti lára páálí tí ẹ kó wọn sí. Bí ó bá jẹ́ gíráńnọ́ọ̀tì níbí tó sì di pínọ́ọ̀tì lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn á rò pé nǹkan méjì ni.

Ohun tí orúkọ tí wọn kò kọ lè fà kì í ṣe ìtàn. Ní oṣù Keje 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15 láti Lọ́ńdọ̀nù, jẹ búrẹ́dì oníhun-nínú kan tó rà ní pápákọ̀ òfúrufú Heathrow kó tó wọ bàálù. Yànmọtí wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì náà, kò sì sí lára ohun tí wọ́n fi wé e. Ó kú lọ́jọ́ náà. Láti oṣù Kẹwàá 2021 ni òfin tuntun ti múlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé oúnjẹ tí wọ́n bá wé sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á gbọ́dọ̀ ní àkójọ èròjà, kí àwọn tó ń fa aléjì sì hàn ketekete. Yànmọtí tún ní wàhálà orúkọ tirẹ̀: sẹ́sámè ni ọ̀pọ̀ àpò ń pè é, bẹ́níṣíìdì sì ni àwọn oníṣòwò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀rọ ìlọta gbogbogbòò

Nígbà tí a dé ibí, mo bi màmá léèrè ibi tó ti ń lọ̀ ọ́. Ó ní nika-nika àdúgbò ni, ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lè ti lọ àlìkámà. Àwòrán àpò rẹ̀ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé oúnjẹ náà kò ní gúlútẹ̀ẹ̀nì.

Àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà kò ní gúlútẹ̀ẹ̀nì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó lè jẹ́ orúkọ yẹn, ìlànà Codex sọ pé gúlútẹ̀ẹ̀nì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 20 mg nínú kílò kan. Ìwọ̀n bíńtín nìyẹn, ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀ tó kù sí ojú ọlọ lè kọjá rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ láìgbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. A yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Mo gbà á níyànjú pé kó máa gbọn ẹ̀rọ náà mọ́, kó kọ́kọ́ fi àgbàdo tirẹ̀ díẹ̀ fọ inú rẹ̀, kó sì da ti àkọ́kọ́ yẹn nù. Nítorí pé ìyẹn pàápàá kò mú gbogbo rẹ̀ lọ, a kọ ìlà kan pé ó ṣeé ṣe kí àlìkámà díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà. “Ó ní” jẹ́ ti ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín pò mọ́ ọn. “Ó ṣeé ṣe kó wà” jẹ́ ti ohun tó lè ta sí i lẹ́yìn tí ẹ ti sa gbogbo ipá yín. Àwọn kan ń kọ “ó ṣeé ṣe kí ẹ̀pà wà” sára oúnjẹ tí wọ́n da odindi kílò mẹ́wàá ẹ̀pà sí, bíi pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́lẹ́ jù báyìí. Irọ́ ni, ó sì léwu, nítorí àwọn òbí tí ó ti sú máa ń gbójú fo “ó ṣeé ṣe”.

Nọ́ńbà àti òṣùwọ̀n

Níwájú àpò, ìwọ̀n oúnjẹ náà jẹ́ 500gm. Lẹ́yìn, ó di 0.5 Kg. Lára páálí, wọ́n kọ 450 g. Àmì tó tọ́ fún gíráàmù ni g, fún kílò ni kg pẹ̀lú k kékeré, fún mílílítà ni ml, wọn kì í sì í fi s sẹ́yìn rẹ̀. Gm àti Kg kò pa ẹnikẹ́ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n 450 àti 500 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì mọ́, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irọ́. Ó wá hàn pé ìwọ̀n àpò àtijọ́ ni 450. A fi 500 g sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tó ti le ni pátákó oúnjẹ aṣaralóore tó wà lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ pé nínú 100 g, kálórì jẹ́ 407 kcal, purotéènì 51 g, ọ̀rá 11 g, kabohádíréètì 62 g. Ẹ ò nílò ìwé ẹ̀rí dókítà láti mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 51, 11 àti 62 jẹ́ 124. Báwo ni 124 g ṣe fẹ́ wọ inú 100 g? Ẹnì kan ti yí 15 padà di 51.

Ọ̀nà kejì láti mú un nìyí. Gíráàmù kan purotéènì ń mú nǹkan bíi 4 kcal wá, ti kabohádíréètì náà jẹ́ 4, ti ọ̀rá jẹ́ 9. Purotéènì 15 lọ́nà 4 jẹ́ 60, ọ̀rá 11 lọ́nà 9 jẹ́ 99, kabohádíréètì 62 lọ́nà 4 jẹ́ 248. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 407, ó bá ohun tí wọ́n kọ mu. Bó bá jẹ́ 51 ni, ì bá jẹ́ 551. Ìṣirò yìí kì í bọ́ sí i gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo, nítorí okun oúnjẹ àti ìfagbáralé nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó bá ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ tọ́ sí ìbéèrè. Ìyá tó bá gbà pé purotéènì jẹ́ 51 lè fọkàn balẹ̀ pé ọmọ òun kò nílò ẹyin tàbí ẹja mọ́.

Lára oúnjẹ tí wọ́n fi fítámì sí, àṣìṣe òṣùwọ̀n tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọwọ́ nílò fítámì D tó jẹ́ 400 IU lójúmọ́, tí ìyẹn jẹ́ 10 mcg. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá yí òṣùwọ̀n padà tó sì gbàgbé nọ́ńbà, tó kọ 400 mcg, ohun tó kọ yẹn jẹ́ 16,000 IU. Bákan náà, mg kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mcg. Èyí ló mú kí n máa sọ pé kí wọ́n má pààrọ̀ òṣùwọ̀n láàárín pátákó kan: bó bá jẹ́ mcg ni ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fún fítámì kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀.

Olónkà tún wà níbẹ̀. Agolo tí wọ́n fi ń wọn ọkà ní ọjà Accra ni, bíi kóńgò tiwa. Olónkà àgbàdo kan àti olónkà ẹ̀pà kan kò wúwo bákan náà, nítorí náà ẹni tó fi olónkà po oúnjẹ kò lè kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sára àpò láìgbé èròjà kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ti bí wọ́n ṣe máa sè é náà ńkọ́? Àpò náà ní “síbí mẹ́rin sí ife omi kan”. Ife ta ni? A yí i padà sí 40 g, ìyẹn síbí ìjẹun mẹ́rin tó tẹ́jú lórí òṣùwọ̀n màmá fúnra rẹ̀, sínú omi 250 ml, tí í ṣe ìdajì ọ̀rá píọ́ wọ́tà 500 ml tó wà ní gbogbo ilé ní Accra. Purotéènì 40 g yẹn jẹ́ 6 g, a sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 100 g.

Kíkà á sókè

Nígbà tí a ti ṣàtúnṣe, màmá ka ìwé ìpo èròjà sókè, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara àpò. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “ọ̀kan, márùn-ún”, kì í ṣe “mẹ́ẹ̀ẹ́dógún”, kí ojú má bàa fi ohun tó retí rọ́pò ohun tó rí. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kì í rí àṣìṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, a ká a bí àpò, a sì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ra bí iná ṣe máa lẹ̀ ẹ́. Ìlà tó sọ pé ó ní sóyà àti ẹ̀pà wọ inú ìkápọ̀ náà lọ pátápátá. A gbé e sókè, sábẹ́ àkójọ èròjà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, nínú lẹ́tà tó ki.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ máa ka àkójọ èròjà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á, kódà bó jẹ́ oúnjẹ tí ẹ ti ń rà láti ọdún méjì, nítorí sóyà lè ti wọlé láìjẹ́ pé àwọ̀ àpò yí padà. Bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá bára mu, ẹ má fún ọmọ tó ní aléjì, ẹ pe nọ́ńbà olùṣe. Bí ara ọmọ bá kọ ohun tí kò sí lára àpò, ẹ tọ́jú ọmọ ná, kí ẹ sì pa àpò náà mọ́ pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀. Ẹ fi tó àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà, FDA, létí, tàbí NAFDAC bó bá jẹ́ Nàìjíríà. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀bá ọjọ́ tí oúnjẹ náà máa bàjẹ́. Òun ni wọ́n fi ń wá àwọn àpò mìíràn tí wọ́n lọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó ṣì wà lórí pẹpẹ.